Lẹ́tà Olùkọ́ sí Ọ̀gá Ilé-Ìwé Lórí Ẹgbẹ́ Ìṣirò Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ìfáárà

Bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà kíkọ, ìlànà rẹ̀ ni a sábà máa ń tẹnu mọ́: àdírẹ́sì, déètì, ìkíni, àkòrí, kókó ọ̀rọ̀ àti ìbuwọ́lùwé. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ tí ìlànà rẹ̀ bá ti pé ti di lẹ́tà tó dára. Lẹ́tà tí iṣẹ́ yìí dá lé pé ní ìlànà, kò sí ohun tí olùyẹ̀wé lè yọ máàkì kúrò fún nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ṣe ohun tó wí gẹ́lẹ́ bó ṣe wí i, àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn kọ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdánù. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ tọ́ka sí.

Olùkọ́ lẹ́sìnnì kan ló kọ lẹ́tà náà sí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá. A ti yọ orúkọ ènìyàn àti ti ilé-ìwé kúrò. Ojú ìwé kan péré ni, a sì so bébà kan tí ó ní ogún ìṣirò mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìwé-iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yóò máa ṣe. Ohun tó ń bèèrè kò ju kíláàsì kan lọ, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, fún ọgbọ̀n ọmọ kíláàsì kẹrin tí máàkì wọn nínú ìdánwò ìṣirò kò tó 40 nínú 100. Ẹgbẹ́ náà yóò wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ọmọ tó bá gba 50 nínú 100 nínú ìwé-iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra yóò kúrò nínú ẹgbẹ́, kí ọmọ mìíràn lè gba ipò rẹ̀.

Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ nínú lẹ́tà náà?

Olùkọ́ lẹ́sìnnì kì í ṣe ọmọ-iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Àlejò ni, a sì mọ̀ pé ojú tí àwọn ọ̀gá kan fi ń wo àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì kò dára tó, nítorí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí. Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí mọ èyí dájú. Ó kí ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ‘Ìyá wa, Ọ̀gá Àgbà’, ó lo ‘ẹ’ ọ̀wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì jẹ́ kí ìpínrọ̀ kìíní parí kí ó tó sọ pé òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n nìyí. Ó ti mọ ohun tí yóò wà lọ́kàn ẹni tí yóò ka lẹ́tà náà, ó sì ti dá a lóhùn kí onítọ̀hún tó béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni lè kọ́ èyí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìpínrọ̀ kejì àti ìkẹta, a ó rí ohun mìíràn. ‘Ìwé-iṣẹ́ yóò kọ́ wọn ní ìyọkúrò.’ ‘Ìwé-iṣẹ́ yóò fi ibi tí wọ́n kù sí hàn.’ ‘Ìwé-iṣẹ́ yóò mú kí ọwọ́ wọn yá.’ Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, bébà ni olùwà, ọmọ ni àbọ̀. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan lẹ́yìn ìgbà tó ti pín bébà. Ní ibi kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ti jẹ́ olùwà, ohun tí a sọ nípa wọn ni pé ‘wọn kò mọ ìṣirò rárá’.

Àṣejù ìlò èdè lè jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kì í ṣe òtítọ́, bébà tí a so mọ́ lẹ́tà sì lè jẹ́rìí sí i. Ọmọ tó kọ 35 sí iwájú 52 − 27 kò ṣàìmọ ìṣirò rárá. Ó ti ṣe ìyọkúrò méjì, ó sì mọ̀ pé ẹyọ ń bá ẹyọ lọ, ẹ̀wá ń bá ẹ̀wá lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ṣe, ohun náà sì ní orúkọ. Ẹni tó bá kọ ‘wọn kò mọ̀ rárá’ kò ní wá ohun kan náà kiri, ìṣirò púpọ̀ ni yóò rò pé ó tọ́ sí wọn. Láti inú gbólóhùn yẹn ni ogún ìṣirò ti jáde.

Ìwé-iṣẹ́ tí a so mọ́ lẹ́tà

Ìyọkúrò olóòǹkà méjì ni gbogbo ogún náà. Méjìlá àkọ́kọ́ kò nílò yíyá, bí àpẹẹrẹ 58 − 23, níbi tí ẹyọ òkè ti pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Mẹ́jọ tó kẹ́yìn ló nílò yíyá, bíi 52 − 27 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ nínú lẹ́tà. Ètò yìí wọ́pọ̀ nínú ìwé ìṣirò wa, èyí tó rọrùn ni a ń fi síwájú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan sí ìdí rẹ̀. Ọmọ yìí ti ní òfin kan lọ́kàn: nínú òòpó kọ̀ọ̀kan, yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Kò bìkítà èyí tó wà lókè. Ní 52 − 27, ó wo 2 àti 7, ó ní 7 yọ 2 kù 5. Ó wo 5 àti 2, ó ní ó ku 3. Ó kọ 35. Òfin yìí kì í ṣe àìfarabalẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì kìíní pé ‘a kò lè yọ ńlá nínú kékeré’, ó sì ń pa òfin olùkọ́ mọ́. Láti ìgbà tí Brown àti Burton ti gbé iṣẹ́ wọn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1978 lórí irú àṣìṣe báyìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọmọdé nínú ìyọkúrò ní ètò, ó sì ṣeé ṣe láti sọ ohun tí ọmọ yóò kọ kí ó tó kọ ọ́.

Máàkì mélòó ni ọmọ yìí yóò gbà? Gbogbo méjìlá àkọ́kọ́ ni yóò gbà, nítorí pé níbẹ̀, ńlá ló wà lókè, òfin rẹ̀ kò sì pa á lára. Gbogbo mẹ́jọ ìkẹyìn ni yóò pàdánù. Méjìlá nínú ogún jẹ́ 60 nínú 100. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, yóò tún gba 60. Gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà náà ti wí, ó ti yege, kí ó máa lọ ilé. Yóò jáde nínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú òfin rẹ̀ ní odindi, pẹ̀lú ẹ̀rí lórí bébà pé ó ti mọ ìyọkúrò.

Ẹ wá fi ọmọ kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí mọ yíyá dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ó ń fa igi sí etí ìwé, ó ń kà á, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kà á. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ó ṣe mẹ́sàn-án, ó sì gba mẹ́sàn-án. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 45 nínú 100. Ọmọ yìí ni ẹgbẹ́ yóò dá dúró. Bí a bá lo ìlànà inú lẹ́tà yìí fún sáà kan, àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ ni a ó tètè lé jáde, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí wọn ń falẹ̀ ni a ó fi pamọ́. Olùkọ́ tó kọ lẹ́tà náà kò gbèrò èyí, àánú àwọn ọmọ hàn nínú gbogbo ìlà tó kọ. Iye máàkì ló fi ṣe ìlẹ̀kùn àbáwọlé àti ti àbájáde, iye máàkì kò sì lè sọ irú àṣìṣe tó wà nínú ilé.

Àpẹẹrẹ 52 − 27 tún ní àléébù kan tí ojú kì í tètè rí. Àṣìṣe mìíràn wà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin: ọmọ yá ẹ̀wá kan wá sí ipò ẹyọ, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti dín 5 kù sí 4. Yóò ní 12 yọ 7 kù 5, 5 yọ 2 kù 3. Òun náà yóò kọ 35. Àwọn ọmọ méjì kọ èsì kan náà, àrùn wọn kò sì jọ ara wọn. Ọ̀kan kò mọ̀ pé yíyá wà. Èkejì ti mọ̀ ọ́n, ìgbésẹ̀ kan ló kù. Bí olùkọ́ bá fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀kọ́ kan náà, yóò fi àkókò ọ̀kan ṣòfò. Ìdí tí èsì wọn fi bára mu ni pé ìyàtọ̀ àárín 7 àti 2 jẹ́ 5, tí 10 yọ 5 sì jẹ́ 5 bákan náà. Ibikíbi tí ìyàtọ̀ ẹyọ méjèèjì bá ti jẹ́ 5, bíi 41 − 16 tàbí 63 − 28, àṣìṣe méjèèjì yóò fara pamọ́ sábẹ́ èsì kan.

Bí a bá fi 64 − 28 rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Ẹni tó tọ̀nà yóò kọ 36. Ẹni tó ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá yóò kọ 44. Ẹni tó yá tí kò dín yóò kọ 46. Olùkọ́ tó bá mọ àwọn iye mẹ́ta yìí ṣáájú kò nílò ju kí ó wo èsì lọ kí ó tó mọ ẹni tí yóò jókòó tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni 40 − 16, tó tún ń fi àṣìṣe kẹrin hàn: 24 ló tọ̀nà, òfin kékeré-nínú-ńlá yóò mú 36 wá, yíyá-láìdín yóò mú 34 wá, ọmọ tó gbà pé òdo kò lè ṣe nǹkan kan, tí ó kàn kọ òdo sílẹ̀, yóò ní 30.

Ìbéèrè ọ̀gá ilé-ìwé

Ọ̀gá ilé-ìwé náà kò kọ èsì gígùn. Ó fi bírò pupa kọ ìbéèrè kan sí etí lẹ́tà, ó sì dá a padà: ‘Ta ni yóò máa yẹ̀ wọ́n wò?’ Àwọn kan lè ka èyí sí ọ̀nà láti kọ̀ láìsọ pé òun kọ̀, bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe. Lójú lámèyítọ́, òun ni gbólóhùn tó wúlò jù lọ lórí ojú ìwé náà, nítorí pé ó dá olùkọ́ padà sí inú lẹ́tà tó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ogún ìṣirò fún ọgbọ̀n ọmọ jẹ́ 600 èsì lọ́sẹ̀ kan. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni olùkọ́ lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni yóò fi fa ‘dáadáa’ àti ‘kò dáa’ nìkan, láìwo ìdí tí ọmọ fi ṣì í. Lẹ́tà náà ní a ó dá bébà padà ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ tó lo òfin tí kò tọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ yóò ti tún lò ó nínú kíláàsì àti nínú iṣẹ́ àmúrelé. Ìdánrawò kì í yan èyí tó tọ́ nínú ohun tí à ń dánra wò; ohun tí a bá tún ṣe náà ló ń le. Ìdí nìyí tí púpọ̀ kò fi dára fún ọmọ tí a kò tíì mọ òfin tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìṣirò mẹ́fà tó fún un, bí a bá fi ọgbọ́n yàn án. Ọ̀kan kò ní nílò yíyá, bíi 58 − 23, kí a lè dá ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá níbi gbogbo mọ̀. Márùn-ún yóò nílò yíyá, méjì nínú wọn yóò sì ní òdo lókè. A kò ní jẹ́ kí ìyàtọ̀ ẹyọ jẹ́ 5 nínú èyíkéyìí nínú márùn-ún yìí. Bí èsì irú àṣìṣe kan bá yọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ àìfarabalẹ̀. Bí ó bá yọ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú márùn-ún, òfin ni. Mẹ́fà fún ọgbọ̀n ọmọ jẹ́ 180, olùkọ́ sì lè wò wọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà ní ìjókòó, bí ó bá ń rìn láàárín àga. Mẹ́fà tún ṣeé kọ sí ara pátákó, kí ọmọ dà á kọ sínú ìwé rẹ̀, tí kò fi ní sí ọ̀rọ̀ owó fọ́tòkọ́pì rárá. Lẹ́tà náà dábàá pé kí àwọn òbí máa dá owó bébà, láìrántí pé Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn ti 2004 fi ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba sí ọ̀fẹ́, tí ọ̀gá kan kò sì ní fẹ́ kí wọ́n bá irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ó ṣeé ṣe kí èyí náà wà lọ́kàn ìyá yẹn nígbà tó gbé bírò pupa.

Ohun tí a lè ṣe láàárín ogójì ìṣẹ́jú

Lẹ́tà náà kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí a bá ti mọ àṣìṣe rẹ̀. Fún ọmọ tó kọ 44, ìṣirò mìíràn kọ́ ni ìtọ́jú. Ọ̀ṣùṣù ọwọ̀ ló nílò. A ó di ẹyọ ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, a ó gbé ìdì mẹ́fà àti ẹyọ mẹ́rin fún un, a ó ní kí ó fún wa ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Yóò kó ìdì méjì fún wa, yóò wá rí i pé ẹyọ mẹ́rin kò tó mẹ́jọ. Kò lè yí i po kí ó yọ mẹ́rin kúrò nínú mẹ́jọ, nítorí pé mẹ́jọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa là ń bèèrè rẹ̀. Yóò tú ìdì kan. Ní kété tó bá tú u, ìdì tó kù yóò dín ní ojú rẹ̀, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ tó kọ 46 náà nílò. Ọ̀rọ̀ náà ‘yá’ tí à ń lò ní kíláàsì kò ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a bá yá, a máa ń dá a padà, ẹ̀wá yìí kò sì padà síbì kankan. ‘Tú ìdì kan’ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Lẹ́tà tí a fi èdè Yorùbá kọ, lórí ìyọkúrò, kò sì mẹ́nu kan òǹkà Yorùbá rárá. Èyí yà ni lẹ́nu. Nínú Ètò Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n kọ́ ìṣirò ní èdè abínibí, Helen Verran náà sì kọ odindi ìwé ní 2001 lórí òǹkà Yorùbá nínú kíláàsì. Òǹkà wa fúnra rẹ̀ ń yọ kúrò. Méjìdínlọ́gbọ̀n jẹ́ ọgbọ̀n tó dín méjì. Ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ náà lè mú 30 kúrò nínú 64, kí ó ku 34, kí ó wá dá 2 padà, nítorí pé ó ti mú jù: 36. Kò yá nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni 73 − 19, tí 19 jẹ́ mọ́kàndínlógún: 53, pẹ̀lú 1, jẹ́ 54. Ẹni tó ti gba ṣẹ́ńjì lọ́jà rí mọ ọ̀nà yìí.

Ọ̀nà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí ẹyọ iye tí à ń yọ bá jẹ́ láti 5 dé 9 ni orúkọ rẹ̀ ní ‘dín’ nínú. Láti 1 dé 4, ‘lé’ ni. Nítorí náà, 41 − 24 nílò títú ìdì, ṣùgbọ́n mẹ́rìnlélógún kò sọ bí a ó ṣe ṣe é. Àwọn ọmọ kan yóò tún yọ 2 náà kúrò dípò kí wọ́n dá a padà, wọn yóò ní 32. Bí olùkọ́ bá rí 32 fún 64 − 28, kí ó mọ̀ pé ọ̀nà yìí ni ọmọ náà gbà, kì í ṣe ọ̀nà ìwé. Ní àwọn ìlú ńlá, a lè rí ọmọ kíláàsì kẹrin tí kò lè kà kọjá ogún ní Yorùbá. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ mìíràn ni orúkọ òǹkà yóò jẹ́, kò sì yẹ kí a di ẹrù méjì lé e lórí ní Ọjọ́bọ̀ kan.

Ìpínrọ̀ tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà kò gùn. Ó lè kà báyìí: ‘Ẹ̀yin Ìyá wa, ní Ọjọ́bọ̀ kìíní, n ó fún gbogbo ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìṣirò mẹ́fà lórí pátákó, n ó sì yẹ̀ wọ́n wò lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí àṣìṣe wọn bá jọra ni n ó kó jọ. N kò ní gbà ju ọmọ méjìlá lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí mo fẹ́ gbọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ro ó. Ọmọ yóò kúrò nígbà tí àṣìṣe rẹ̀ kò bá yọ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, iyekíye tó wù kí máàkì rẹ̀ jẹ́.’ Nínú ìpínrọ̀ yìí, olùkọ́ ni olùwà. Orúkọ ẹgbẹ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dábàá, ‘Ẹgbẹ́ Àwọn Tí Ìṣirò Le Fún’, kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bá fi orúkọ yẹn pè lẹ́ẹ̀kan níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní wá ní Ọjọ́bọ̀ kejì.

Bébà, bó ti wù kí a yan ìṣirò inú rẹ̀ tó, kò lè sọ ìdí tí ọmọ kan fi fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ lófìfo. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n, ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò ríran dé pátákó, ó lè jẹ́ pé kò jẹun láti àárọ̀. Ìwọ̀nyí ń fẹ́ kí a pe ọmọ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí a ní ‘ṣe é kí n rí i’, kí a sì dákẹ́ nígbà tó bá ń ṣe é.